Ọjọ́ wo ni a bí Abla?

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ́ ti ìṣirò kan tí ènìyàn lè fi orí ṣe, láìsí kàlẹ́ńdà lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ohun kan ṣẹlẹ̀, ìṣirò yìí yóò sọ fún yín bóyá Ọjọ́ Ajé ni tàbí Ọjọ́rú, bóyá Ọjọ́ Ẹtì ni tàbí Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá lè kà dé 100, tó lè ro nǹkan pọ̀, tó sì lè yọ nǹkan kúrò, ó lè ṣe é.

Kí ni a ó fi ṣe? Ẹ wo orúkọ àwọn ènìyàn tó yí wa ká. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn Éwé aládùúgbò wa a máa wo ọjọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ó ń fún un ní orúkọ, àwọn orúkọ náà sì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Tógò. Bí wọ́n ṣe rí nìyí:

Ọjọ́ Àìkú: Kosi ni ọkùnrin, Kosiwa ni obìnrin.
Ọjọ́ Ajé: Kojo ni ọkùnrin, Ajo ni obìnrin.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Komla ni ọkùnrin, Abla ni obìnrin.
Ọjọ́rú: Koku ni ọkùnrin, Aku ni obìnrin.
Ọjọ́bọ̀: Yao ni ọkùnrin, Yawa ni obìnrin.
Ọjọ́ Ẹtì: Kofi ni ọkùnrin, Afi ni obìnrin.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Komi ni ọkùnrin, Ama ni obìnrin.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Orúkọ ń sọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, kò sọ oṣù, kò sì sọ ọdún. Ìwé ìbí ní tirẹ̀ a máa sọ ọjọ́ inú oṣù, oṣù àti ọdún, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kì í sọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Orúkọ àti ìwé dà bí ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ìṣirò wa tòní ni ògbufọ̀ tí yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ẹnu wọn kò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa gbé lọ títí dé ìparí. Ká sọ pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Abla. Ó fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀. Ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé a bí i ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Ìwé ẹ̀rí tó gbà nílé ẹ̀kọ́ sọ pé ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 ni. Ọ́fíìsì dá a padà, wọ́n ní ìwé méjèèjì kò bára mu. Káàdì tí wọ́n fún ìyá rẹ̀ níbi ìgbẹ̀bí ti gba omi, ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí kò ṣeé kà mọ́. Ìyá sọ pé òun kò mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun bí ọmọ òun, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Abla. Èwo nínú ìwé méjèèjì ni ó bá ọ̀rọ̀ ìyá mu? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òpó ọdún

Ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Jọ́ọ̀nù Kọ́ńwéè, ni ó ṣètò ìṣirò yìí ní ọdún 1973. Onímọ̀ ìṣirò ni, ó sì kú ní ọdún 2020. Ohun tó rí ni pé nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn ọjọ́ kan wà, ọ̀kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ni yóò jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ọdún náà. A ó pe ọjọ́ yìí ní òpó ọdún, nítorí pé òun ni a ó máa so gbogbo ọjọ́ yòókù mọ́, bí a ti ń so ewúrẹ́ mọ́ òpó.

Ibo ni àwọn òpó náà wà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, òpó ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, òpó ni. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, òpó ni. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, òpó ni. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá, òpó ni. Èyí kò ṣòro láti rántí: nọ́ńbà ọjọ́ àti nọ́ńbà oṣù jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ mú kàlẹ́ńdà èyíkéyìí, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà láti 4 oṣù kẹrin dé 6 oṣù kẹfà. Oṣù kẹrin ní ọjọ́ 30, nítorí náà ó ku ọjọ́ 26 nínú rẹ̀. Oṣù karùn-ún ní 31. Ẹ fi 6 ti oṣù kẹfà kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 63. Ọjọ́ 63 sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gééré, kò sí ẹyọ kan lókè. Nígbà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ pípé ni ó wà láàárín wọn, wọn kò lè ṣe kí wọ́n má bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Láti 6 oṣù kẹfà dé 8 oṣù kẹjọ, 63 náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí dé oṣù kejìlá.

Oṣù mẹ́rin kan wà tí wọ́n ń pààrọ̀ nọ́ńbà láàárín ara wọn. Karùn-ún àti kẹsàn-án ń pààrọ̀: ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún jẹ́ òpó, ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án sì jẹ́ òpó. Keje àti kọkànlá náà ń pààrọ̀: ọjọ́ 11 oṣù keje jẹ́ òpó, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá sì jẹ́ òpó.

Ó ku oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹta, ọjọ́ keje ni òpó. Ní oṣù kejì, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù ni, ìbáà jẹ́ 28 ìbáà jẹ́ 29. Ní oṣù kìíní, ọjọ́ kẹta ni, àfi bí oṣù kejì ọdún náà bá ní ọjọ́ 29, nígbà náà ọjọ́ kẹrin ni. Oṣù kìíní yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù lọ, a ó tún sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé yín báyìí, ọjọ́ ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Tógò:

3/1 tàbí 4/1, 28/2 tàbí 29/2, 7/3, 4/4, 9/5, 6/6, 11/7, 8/8, 5/9, 10/10, 7/11, 12/12.

Bí a ṣe ń mọ òpó ọdún kan

A ti mọ ibi tí àwọn òpó wà. Ó ku kí a mọ ọjọ́ tí wọ́n bọ́ sí ní ọdún tí à ń wá. Ọdún kan ní ọjọ́ 365. Bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 ni, ọjọ́ kan sì ṣẹ́kù. Ọjọ́ kan tó ṣẹ́kù yìí ni ó ń ti òpó síwájú lọ́dọọdún. Bí òpó bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé lọ́dún kan, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò jẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, oṣù kejì ń ní ọjọ́ 29. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì ni òpó ń gbé dípò ẹyọ kan.

Nítorí náà, ẹ di ohun méjì péré mú. Fún àwọn ọdún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19, ìyẹn 1900 dé 1999, Ọjọ́rú ni a ti ń gbéra. Fún àwọn ọdún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20, ìyẹn láti 2000 wá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ti ń gbéra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ohun mẹ́rin yìí.

Èkíní, ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ọdún náà. Bí ó bá ju 28 lọ, ẹ yọ 28 kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá ju 56 lọ, ẹ yọ 56. Bí ó bá ju 84 lọ, ẹ yọ 84. Bí ó bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, òdo ni ó kù. Ìdí tí a fi lè yọ ọ́ ni pé nínú ọdún 28, òpó ń gbé ìgbésẹ̀ 28, ó sì tún ń gbé méje sí i nítorí ọjọ́ 29 oṣù kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún gééré. Òpó ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Èkejì, ẹ wo iye ìgbà tí mẹ́rin wà nínú ohun tó ṣẹ́kù. Ẹ má ka ẹyọ tí kò pé mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta, ẹ ro méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ méje-méje kúrò títí yóò fi ku ohun tí kò tó méje. Iye ìyẹn ni ìgbésẹ̀ tí ẹ ó gbé láti ọjọ́ tí a ti ń gbéra.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún tí gbogbo Tógò mọ̀ dán an wò. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960 ni Tógò gba òmìnira. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jẹ́ 60. Ẹ yọ 56, ó ku 4. Mẹ́rin wà nínú 4 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà 1. Ẹ ro 4 àti 1 pọ̀, ó di 5. Kò tó méje, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbéra ní Ọjọ́rú, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún: Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọ̀kan, Ẹtì jẹ́ méjì, Àbámẹ́ta jẹ́ mẹ́ta, Àìkú jẹ́ mẹ́rin, Ajé jẹ́ márùn-ún. Òpó ọdún 1960 jẹ́ Ọjọ́ Ajé.

Òpó oṣù kẹrin wà ní ọjọ́ 4. Ọjọ́ Ajé ni. Bí a bá fi méje kún un, 11 jẹ́ Ọjọ́ Ajé, 18 jẹ́ Ọjọ́ Ajé, 25 jẹ́ Ọjọ́ Ajé. Nígbà náà 26 jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 sì jẹ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́rú ni Tógò gba òmìnira. Bí ẹ bá rí ẹni tó sọ pé ọjọ́ òmìnira gan-an ni a bí òun, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Koku tàbí Aku, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí sí i. Bí ó bá ń jẹ́ Kofi, ó yẹ kí a tún bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Abla

Ọdún 1978 ni. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jẹ́ 78. Ẹ yọ 56, ó ku 22. Mẹ́rin wà nínú 22 ní ìgbà márùn-ún, ẹyọ méjì ṣẹ́kù tí a kò kà. Ẹ ro 22 àti 5 pọ̀, ó di 27. Ẹ yọ méje-méje: 27 di 20, 20 di 13, 13 di 6. Ẹ gbéra ní Ọjọ́rú, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ mẹ́fà: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Òpó ọdún 1978 jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Oṣù kẹsàn-án ń pààrọ̀ pẹ̀lú oṣù karùn-ún, nítorí náà òpó rẹ̀ wà ní ọjọ́ 5. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ fi méje kún un: ọjọ́ 12 jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ 13 jẹ́ Ọjọ́rú. Ọjọ́ 14 jẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ 12 tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ bá orúkọ Abla mu, ó sì bá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ mu. Ọjọ́ 14 tó wà nínú ìwé ìbí kò bá a mu. Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a bí i, Yawa ni wọn ì bá pè é.

Báwo ni irú èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà kan rèé. Bàbá ọmọ kì í lọ sí ibi ìkọ̀wé ìbí ní ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ gan-an. Ó lè lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Akọ̀wé a kọ ọjọ́ méjì sínú ìwé: ọjọ́ tí a bí ọmọ, àti ọjọ́ tí bàbá wá sọ ọ́. Bí ọwọ́ akọ̀wé bá ṣì, ọjọ́ tí bàbá wá ni yóò wọ ibi tí ó yẹ kí ọjọ́ ìbí wà. Nítorí náà, kí ẹ tó máa bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé náà. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ bá jẹ́ 14 oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú, ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe náà ti lè wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìṣirò yìí kò pàṣẹ, ẹ̀rí ni ó ń gbé jáde. Ẹ má ṣe mú bírò kí ẹ yí 14 padà sí 12. Ìwé tí a fọwọ́ ara ẹni tún kọ ti bàjẹ́ nìyẹn, ó sì lè di ẹjọ́ sí olúwa rẹ̀ lọ́rùn. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ni a fi ń ṣàtúnṣe ìwé ìbí. Abla yóò kó ìwé méjèèjì lọ, yóò kó káàdì tó gba omi náà mọ́ ọn, ìyá rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Nígbà tí ìyá bá sọ pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, Abla lè ṣàlàyé pé ọjọ́ 12 oṣù náà bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lóòótọ́, ẹnikẹ́ni sì lè wá kàlẹ́ńdà ọdún 1978 láti wò ó. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbàlagbà tí kò mọ nọ́ńbà ti wá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tó ń mú kí ìṣirò ṣì

Ohun kìíní ni bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Bí a bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tó ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọrọọrún ni a ń pè é, bí ẹni pé ọjọ́ márùn-ún ni. Bí a bá ní "òní ìjọ́ mẹ́jọ", ọ̀sẹ̀ kan gééré ni à ń wí. Àwọn tó ń sọ Faransé pàápàá a máa pe ọ̀sẹ̀ kan ní ọjọ́ mẹ́jọ. Kíkà yìí kò burú, àwọn baba wa ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e wọ inú ìṣirò yìí, ọjọ́ kan ni yóò fi dín. Nínú ìṣirò tòní, ọjọ́ tí ẹ ti gbéra kì í ṣe ọ̀kan. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni ọ̀kan. Ẹ rò ó bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà: ìgbà tó gbẹ́sẹ̀ ni ó tó ka ọ̀kan. Bí ìdáhùn yín bá ń fi ọjọ́ kan dín ní gbogbo ìgbà, ẹ mọ̀ pé ibi tí àṣìṣe ti ń wá nìyẹn.

Ohun kejì ni oṣù kìíní àti oṣù kejì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé oṣù kejì ọdún yìí ní ọjọ́ 29? Bí nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ọdún bá ṣeé pín sí mẹ́rin gééré, ó ní 29. 1960 ní i, 1980 ní i, 2024 ní i. Láti 1900 dé 2099, ọdún 1900 nìkan ni nọ́ńbà rẹ̀ lè tan yín, nítorí ọjọ́ 28 ni oṣù kejì rẹ̀ ní.

Ẹ wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká sọ pé ìwé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ajo sọ pé a bí i ní 15 oṣù kìíní ọdún 1980. Ẹ yọ 56 kúrò nínú 80, ó ku 24. Mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà. 24 àti 6 jẹ́ 30. Ẹ yọ 28, ó ku 2. Láti Ọjọ́rú, ìgbésẹ̀ méjì, ó di Ọjọ́ Ẹtì. Nítorí pé 80 ṣeé pín sí mẹ́rin, òpó oṣù kìíní wà ní ọjọ́ 4, kò sí ní ọjọ́ 3. Ọjọ́ 4 jẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 jẹ́ Ẹtì, 12 jẹ́ Àbámẹ́ta, 13 jẹ́ Àìkú, 14 jẹ́ Ajé, 15 jẹ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 3 yóò rí Ọjọ́rú, yóò sì ti ṣì í.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ́ ni ọjọ́ Ajo. Ọjọ́ Ajé ni tirẹ̀. Ṣé ìwé rẹ̀ ti purọ́ nìyẹn? Èyí ni ohun kẹta tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ti ìwé, àárín òru ni ọjọ́ ń yí padà. Ní ti ìyá tó rọbí láti ìrọ̀lẹ́, tó sì bí kí àkùkọ tó kọ, ọjọ́ àná ni òun ṣì wà, nítorí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Bí a bá bí ọmọ ní aago méjì òru, ìyá lè pe ọjọ́ náà ní Ajé, kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí ọjọ́ tó jẹ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn méjèèjì má sì purọ́. Nítorí náà, bí ìwé bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú orúkọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òru ni a bí ọmọ. Ní ti Abla, ọjọ́ méjì ni ó wà láàárín wọn. Òru kò lè fa ìyẹn.

Ohun kẹrin ni pé orúkọ náà lè má jẹ́ ti ọjọ́. A lè fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ: bàbá àgbà ń jẹ́ Kofi, a sọ ọmọ-ọmọ ní Kofi, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Ajé ni a bí i. Ẹ bi àwọn ará ilé kí ẹ tó gbára lé orúkọ. Bí ìwé bá sì kọ ọdún nìkan, tí kò kọ ọjọ́ àti oṣù, ìṣirò yìí kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó wà nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, orúkọ Abla nìkan kò lè mú ọ̀kan nínú wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ṣe mẹ́ta yìí kí ẹ tó wo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ìka yín ka ìgbésẹ̀.

Èkíní: wọ́n bí Kofi ní 19 oṣù kejìlá ọdún 1986. Ṣé orúkọ rẹ̀ bá ìwé mu?

Èkejì: wọ́n bí Yawa ní 8 oṣù keje ọdún 2004. Ṣé orúkọ rẹ̀ bá ìwé mu? Ẹ rántí pé ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20.

Ẹ̀kẹta: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni 27 oṣù kẹrin ọdún 2026?

Ìdáhùn kìíní. Ẹ yọ 84 kúrò nínú 86, ó ku 2. Kò sí mẹ́rin nínú 2. Láti Ọjọ́rú, ìgbésẹ̀ méjì, ó di Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá jẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 19 jẹ́ Ẹtì. Ó bá a mu.

Ìdáhùn kejì. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jẹ́ 4. Mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. 4 àti 1 jẹ́ 5. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbésẹ̀ márùn-ún, ó di Ọjọ́ Àìkú. Òpó oṣù keje wà ní ọjọ́ 11. Ó ti kọjá 8, nítorí náà ẹ fà á sẹ́yìn: 11 jẹ́ Àìkú, 10 jẹ́ Àbámẹ́ta, 9 jẹ́ Ẹtì, 8 jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó bá a mu.

Ìdáhùn kẹta. Nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jẹ́ 26, kò tó 28, ẹ fi sílẹ̀. Mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà. 26 àti 6 jẹ́ 32. Ẹ yọ 28, ó ku 4. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó di Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin jẹ́ Àbámẹ́ta, 25 náà jẹ́ Àbámẹ́ta, 26 jẹ́ Àìkú, 27 jẹ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé ni.

Bí ó bá di alẹ́, ẹ gbé ìwé ìbí àwọn ọmọ yín jáde láti inú àpótí. Ẹ ṣe ìṣirò ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ìyá wọn léèrè ọjọ́ tó bí wọn, nígbà tí ìyá ṣì wà láyé tó sì lè dáhùn. Ẹ ó gbọ́ wa.